Kọ Ìbéèrè, Má Kọ Ìdáhùn: Ètò Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún Fíìmù Adíbọ́n Kan ní Ṣábẹ̀ẹ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí a ṣe ṣètò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mẹ́rin fún fíìmù kúkúrú kan tí a yà ní Plateau, ní ìlú Ṣábẹ̀ẹ́. Ohun tí a ń wá ni pé kí ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré dún bí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń rò tí ó sì ń sọ lójú ẹsẹ̀, síbẹ̀ kí ìtàn má ṣìnà. Mo fẹ́ fi hàn pé ìbéèrè ni ó yẹ kí a kọ sílẹ̀, kì í ṣe ìdáhùn, nítorí pé ìhun ìbéèrè ní èdè Yorùbá ni ó ń fa ìhun ìdáhùn lẹ́yìn. Ní ìparí, mo sọ ibi tí ọ̀nà yìí ti já wa kulẹ̀.

1. Ìfáárà

Fíìmù adíbọ́n ni mo ń pe fíìmù tí ó ń ṣe bí ẹni pé ìròyìn òtítọ́ ni òun ń jẹ́. Kámẹ́rà á dúró níwájú ènìyàn, oníròyìn á béèrè ọ̀rọ̀, ẹni náà á sì dáhùn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni a ti là sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí òǹwòran bá gbọ́ ọ létí pé òṣèré ti há ọ̀rọ̀ náà sórí, ẹ̀fẹ̀ kú nìyẹn. Bí a bá sì ní kí kálukú máa sọ ohun tó bá wá sí i lẹ́nu, ìtàn á fọ́n ká, a ò sì ní rí i kó jọ mọ́. Láàárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà.

Fíìmù tiwa jẹ́ ìṣẹ́jú 12. Ó dá lórí ẹgbẹ́ kan tí ó ń pàdé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì láti dúró de ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tó bá mọ Ṣábẹ̀ẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi pa ni lẹ́rìn-ín tí ó sì dun ni: ojú irin tí ó ti Kùtọnù lọ sí Pàràkú gba ìlú wa kọjá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń kó èrò kò gba ibẹ̀ mọ́. Ènìyàn mẹ́rin ni a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò: alága ẹgbẹ́, akápò, bàbá tí kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé ìrìnnà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ọmọ ilé-ìwé kan tí kò rí ọkọ̀ ojú irin rí láyé rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ṣe oníròyìn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbìyànjú rẹ̀, mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, tìbéèrè tìdáhùn. Ilé-ìwé Faransé ni mo lọ láti kékeré, Yorùbá inú ìwé sì jẹ́ ohun tí mo kọ́ nígbà tí mo ti dàgbà. Nítorí náà mo ro ìdáhùn náà ní Faransé kí n tó kọ ọ́ ní Yorùbá, èyí sì hàn nínú rẹ̀. Ohun tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé bí mo ti fi ìwé lé bàbá náà lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ yí padà. Ní ọ̀dọ̀ wa, ibi tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń bá Yorùbá pàdé lórí ìwé ni ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá náà na ọrùn, ó fa ohùn gùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ nípa kọ́kọ́rọ́ bí ẹni tí ń ka Bíbélì fún ìjọ. Ẹ̀ka-èdè Ṣábẹ̀ẹ́ tí ó ń sọ lẹ́nu lójoojúmọ́ sá kúrò níbẹ̀ pátápátá.

2. Àwọn tó ti ṣe é ṣáájú

Kíkọ ìtàn láìkọ ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe nǹkan tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Karin Barber, tí ó bá ẹgbẹ́ òṣèré Ọ̀yìn Adéjọbí ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ The Generation of Plays, tí ó jáde ní 2000, bí eré wọn ṣe ń wáyé láìsí ìwé tí òṣèré ń há sórí. Òṣèré mọ ìtàn, ó mọ ipa tirẹ̀, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, eré náà sì ń gbilẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe é níwájú èrò. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ alárìnjò ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ alẹ́ tí wọ́n lè fi tún ọ̀rọ̀ ṣe. Àwa tí a ń ya fíìmù ní ọ̀sán kan péré, ohun mìíràn ni a nílò tí yóò máa darí ọ̀rọ̀ bí ó ti ń jáde lẹ́nu.

Ohun náà ni olùbéèrè. Nínú This Is Spinal Tap, tí Rob Reiner darí ní 1984, olùdarí fúnra rẹ̀ ni ó ṣe oníròyìn tí ń bi ẹgbẹ́ olórin léèrè ọ̀rọ̀. Ìlapa ìtàn ni wọ́n ní lọ́wọ́, púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu sì jẹ́ àsọ-ojú-ẹsẹ̀. Níbi tí àwọn ènìyàn rántí jù nínú fíìmù náà, olórin kan ń fọ́nnu pé ẹ̀rọ òun dé nọ́ńbà 11, nígbà tí ti àwọn ẹlòmíràn kò kọjá 10. Oníròyìn bi í pé kí ló dé tí wọn ò kàn jẹ́ kí 10 gan-an túbọ̀ pariwo sí i. Olórin náà dákẹ́, ó ronú, ó sì tún ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀ sọ. Ìdákẹ́ yẹn ni ẹ̀fẹ̀, ìbéèrè ni ó sì bí i.

Jean Rouch náà ti lo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ nínú Petit à petit, ní nǹkan bí 1970. Damouré Zika láti Nàìjá lọ sí Páríìsì, ó ń dá àwọn ará ibẹ̀ dúró lójú pópó, ó ń wọ̀n wọ́n, ó sì ń bi wọ́n léèrè bí onímọ̀ ẹ̀dá tí ó wá wo ẹ̀yà àjèjì. Ẹni tí ń béèrè ni ó gbé ìdíbọ́n náà rù. Láti inú àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí ni mo ti pinnu pé n ó da ìwé ìdáhùn nù.

3. Oríkèé ìtàn àti káàdì òṣèré

Kí a tó kọ ìbéèrè kan ṣoṣo, a kọ oríkèé ìtàn sílẹ̀. Oríkèé ni mo ń pe ibi tí ìtàn ti gbọ́dọ̀ yí, tí ó jẹ́ pé bí a bá yọ ọ́ kúrò, ìyókù ò ní dúró. Márùn-ún ni tiwa. Ẹgbẹ́ ń pàdé lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ti dá owó jọ láti fi kí ọkọ̀ káàbọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà kò ṣí ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún wá. Mo kọ oríkèé kọ̀ọ̀kan bí ohun tí òǹwòran gbọ́dọ̀ mọ̀, n kò kọ ọ́ bí gbólóhùn tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ. Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ètò náà dúró lé lórí.

Lẹ́yìn náà ni òṣèré kọ̀ọ̀kan gba káàdì tirẹ̀, ìlà mẹ́rin péré: ohun tí o mọ̀, ohun tí o ń fẹ́, ohun tí o ń fi pamọ́, àti ohun tí o kò gbọ́dọ̀ bá ẹlòmíràn sọ kí a tó ya fíìmù. Fún àwọn tí kò ka Yorùbá, ẹnu ni mo fi sọ ọ́ fún wọn. Kò sí ẹni tí ó rí káàdì ẹnìkejì rẹ̀.

Ìdí ìkọ̀kọ̀ yìí hàn nínú ọ̀rọ̀ owó. Lórí káàdì alága, mo kọ ọ́ pé owó tí ẹgbẹ́ ní jẹ́ 85,000 sẹ́fà. Lórí káàdì akápò, mo kọ 60,000. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó purọ́ tàbí kó ṣe bí olè. Alága fi gbogbo ẹnu sọ tirẹ̀, akápò náà fi gbogbo ẹnu sọ tirẹ̀, ó sì ku òǹwòran tí yóò jókòó máa ṣírò. Bí mo bá ti sọ fún akápò pé owó kò pé, ojú rẹ̀ á ti máa sá, ohùn rẹ̀ á sì ti máa gbọ̀n, òǹwòran á sì mọ̀ pé ó ń ṣeré.

Ohun kejì tí káàdì ń ṣe ni èyí tí a kò kọ sórí rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ àsọ-ojú-ẹsẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ kò tètè wá sí lẹ́nu á kọ́kọ́ fi "kinní" dí àyè rẹ̀, tàbí kó fi "Lágbájá" dí àyè orúkọ ènìyàn, kó tó wá tún un ṣe. Nínú ìwé àkọ́kọ́ mi, mo kọ "kinní" àti "ẹn" sí àárín gbólóhùn kí ó lè dún bí òtítọ́. Kò dún bẹ́ẹ̀ rárá, torí òṣèré ń sọ "kinní" nígbà tí ó ti mọ ọ̀rọ̀ tó kàn, kò sì dúró níbẹ̀ bí ẹni tí ń wá nǹkan. Lórí káàdì tuntun, mo fi orúkọ àwọn nǹkan àti ọdún sílẹ̀ láìkọ. Nígbà tí mo bi akápò léèrè ìgbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó ní láti wá a fúnra rẹ̀. Ó wòkè, ó ní: "Lọ́dún tí... kinní yẹn... tí òjò gbé òrùlé ilé-ìwé lọ. Fuwalà, ọdún yẹn ni." Ọ̀rọ̀ Faransé tí ó bọ́ sẹ́nu rẹ̀ yẹn, bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Plateau nìyẹn, èmi ì bá tí kọ ọ́.

4. Ohun tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń ṣe

Ìbéèrè mẹ́jọ ni mo gbà láàyè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo sì yan ìhun wọn ní ìbámu pẹ̀lú oríkèé tí mo fẹ́ dé. Ìhun mẹ́rin ni ó wúlò fún wa jù.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí a fi "ẹ sọ fún wa" bẹ̀rẹ̀. "Bàbá, ẹ sọ fún wa bí ọjọ́ Ẹtì yín ṣe máa ń rí." Kò ní ọ̀rọ̀ ìbéèrè, ìtàn ni ó sì ń mú wá. Olùdáhùn ní láti dárúkọ ohun tí ó ń sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí náà ìdáhùn rẹ̀ lè dá dúró bí a bá tilẹ̀ gé ohùn oníròyìn kúrò.

Èkejì ni "ta ni", "kí ni" àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. A mọ̀ nínú gírámà pé gbólóhùn alátẹnumọ́ ni ìbéèrè wọ̀nyí, alátẹnumọ́ ni ìdáhùn wọn sì máa ń jẹ́. "Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?" "Ọwọ́ mi ni." Ìdáhùn yìí kúrú, ó sì gún bí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ìbéèrè ti sọ tán ni ó fi sílẹ̀ láìtún sọ. Bí a bá gé ìbéèrè kúrò, "Ọwọ́ mi ni" kò ní ìtumọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nínú ìwé àkọ́kọ́ mi, mo ti kọ ìdáhùn náà báyìí: "Mo ní kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ mi." Gbólóhùn yẹn kò lẹ́bi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fi dáhùn "Ọwọ́ ta ni", etí òǹwòran sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí kò tilẹ̀ lè ṣàlàyé rẹ̀. Nítorí náà, níbi tí a bá ti lo ìhun yìí, a pinnu ṣáájú pé ohùn oníròyìn yóò wà nínú fíìmù.

Ẹ̀kẹta ni "ṣebí". Ó yàtọ̀ sí "ṣé", tí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ti tó fún un. Ẹni tí ó sọ pé "ṣebí" ti gbà pé òun mọ òtítọ́, ó wá ń dúró kí ẹnìkejì jẹ́wọ́. Olùdáhùn kì í lè fi ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara rẹ̀. A kì í lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ fún ẹnì kan, torí lẹ́yìn rẹ̀ ẹni náà á ti máa ṣọ́ra. Àgbàlagbà tilẹ̀ lè kà á sí àfojúdi, nítorí náà ohùn tí a ó fi sọ ọ́ gbọ́dọ̀ rọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni "ńkọ́". Kò sọ ohun tí a fẹ́ mọ̀ gan-an nípa nǹkan náà. "Kọ́kọ́rọ́ náà ńkọ́?" lè jẹ́ pé níbo ni ó wà, tàbí pé báwo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe já sí. Olùdáhùn ni yóò yan èyí tí yóò dáhùn, ohun tí ó bá sì yàn ni ó ń tú àṣírí rẹ̀.

5. Bàbá àti kọ́kọ́rọ́: àpẹẹrẹ kan

Káàdì bàbá sọ pé ó mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kò ṣí ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní olùtọ́jú. Ó ń fi pamọ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ àgádágodo. Oríkèé kẹrin wà lórí rẹ̀, mo sì to ìbéèrè báyìí: "ẹ sọ fún wa" kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, "ọwọ́ ta ni" kí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ gba ipò, "ṣebí" láti tì í, àti "ńkọ́" láti dúró dè é. Ẹ̀yìn tí ó ti sọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọ̀rọ̀ lọ báyìí:

— Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà, bàbá?
— Ọwọ́ mi ni. Ta ni ìbá tún wà lọ́wọ́ rẹ̀?
— Ṣebí ẹ máa ń ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Ẹtì?
— Ẹ̀yin oníròyìn! Ilẹ̀kùn kì í ṣe ohun tí à ń ṣí ṣáá. Bí ọkọ̀ ò bá dé, kí ni mo fẹ́ ṣí i fún?
— (Mo dákẹ́. Mo ka oókan dé eéje nínú mi.)
— Kọ́kọ́rọ́ náà ńkọ́?

Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ́, ó sì wò ó pẹ́. Ó ní: "Òun nìyí. Kò sí kọ́kọ́rọ́ tí kò ní ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ti èyí ni mi ò tíì rí."

Ohun tí mo ti kọ fún un tẹ́lẹ̀ ni pé: "Wọ́n ti pààrọ̀ àgádágodo ilẹ̀kùn náà, kọ́kọ́rọ́ yìí kò lè ṣí i mọ́." Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì sọ, oríkèé ìtàn kan náà ni wọ́n sì dé. Ṣùgbọ́n èkejì ròyìn ni, bàbá sì ń jẹ́wọ́ láìfẹ́ jẹ́wọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a béèrè ọ̀rọ̀ tí ó gbé oríkèé. Kí a tó yà á, a fi bí wákàtí kan bi bàbá léèrè nípa ìgbésí ayé ẹni tí ó ń ṣe, irú bí iye ọmọ tí ó bí àti ohun tí ó máa ń jẹ láàárọ̀, ṣùgbọ́n a kò fẹnu kan kọ́kọ́rọ́. Bí a bá béèrè nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ìdáhùn kejì máa ń gbìyànjú láti jọ ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ á sì ti di àhásórí.

Èyí ní ìṣòro kan nígbà tí a bá ń gé fíìmù. Kámẹ́rà kan ni a ní, ọ̀rọ̀ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kò sì ní ẹ̀dà tí a lè fi rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kọ̀ọ̀kan, a ya àwòrán nǹkan mẹ́fà, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá fún ìkọ̀ọ̀kan: ọwọ́ bàbá, kọ́kọ́rọ́, ilẹ̀kùn, àga òfìfo, òkè Ṣábẹ̀ẹ́ lókèèrè, ẹsẹ̀ àwọn tó jókòó. Àwòrán wọ̀nyí ni a fi bo ojú ibi tí a ti gé ọ̀rọ̀. Nínú bí ogún ìṣẹ́jú tí bàbá fi sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ni ó wà nínú fíìmù.

6. Ibi tí ó ti já wa kulẹ̀

Ọ̀nà yìí kò ṣiṣẹ́ fún ọmọ ilé-ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, bí mo bá sì ní "ẹ sọ fún wa", ó ń wo ojú mi láti mọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́, bí ó ti ń wo ojú olùkọ́. Ìdáhùn rẹ̀ pé ṣánṣán, ó sì ń parí sí ohùn ìbéèrè. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti máa ń mọ̀: bí olùdáhùn bá ń wojú olùbéèrè ní òpin gbólóhùn, ìdánwò ni ó ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni a ní kó béèrè ìbéèrè náà dípò mi, ọ̀rọ̀ sì tú.

Ìkùnà kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Nínú ipa tí bàbá ń ṣe, "ẹ̀yin oníròyìn" ni ó ń pè mí. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, mo bi í pé kí ó sọ ọkọ̀ tí ó rántí jù fún wa. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ní: "Ọmọ mi, ọkọ̀ yẹn ni ìyá mi wọ̀ kẹ́yìn." Kì í ṣe ẹni tó wà lórí káàdì ni ó ń sọ̀rọ̀ mọ́. Àmì rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ìpè: oníròyìn ti di ọmọ. Mo ní kí wọ́n pa kámẹ́rà. Bàbá nu ojú rẹ̀, ó ní ìyẹn kì í ṣe ti fíìmù, a kò sì fi í sínú rẹ̀.

Ẹni tí a kọ ọ̀rọ̀ fún lè fi ọ̀rọ̀ wa sẹ́nu kó sì tu ú dànù lálẹ́. Ẹni tí a ní kó wá ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, inú ayé ara rẹ̀ ni yóò ti wá a. Láti ọjọ́ yẹn, kí a tó tan kámẹ́rà, èmi àti olùdáhùn máa ń fohùn ṣọ̀kan lórí àmì kan. Ti bàbá ni pé bí ó bá ṣí fìlà, ohun tí ó bá sọ lẹ́yìn náà kì í ṣe tiwa, a ó sì pa á rẹ́ níṣojú rẹ̀.

7. Ìgúnlẹ̀

Ìbéèrè méjìlélọ́gbọ̀n ni ó wà nínú ìwé fíìmù náà, pẹ̀lú oríkèé márùn-ún àti káàdì mẹ́rin. Kò sí ìdáhùn kan níbẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ kọ orúkọ àwọn òǹkọ̀wé sí ìparí fíìmù, mo wo gbólóhùn kọ́kọ́rọ́ àti ilẹ̀kùn, mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo ni ín. Orúkọ márùn-ún ni a kọ síbẹ̀, ti bàbá ni ó ṣáájú.